Létà tí mo kọ sí dókítà ọkàn kí n tó yọ eyín màmá tó ń lo wàfárínì

Ọ̀rọ̀ màmá kan tí mo yọ eyín fún ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, fún ẹ̀yin tá a jọ ń ṣiṣẹ́ eyín àti ẹ̀yin dókítà tẹ́ ẹ máa ń gba létà lọ́wọ́ wa. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Létà méjì ni mo kọ lórí ọ̀rọ̀ màmá yìí láàárín ọjọ́ méjì, èmi kan náà ni mo kọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ìdáhùn tí wọ́n mú wá yàtọ̀ síra bí ọ̀sán àti òru, ohun tó sì fà á ni mo fẹ́ ká jọ wò.

Ọjọ́bọ ni wọ́n wá. Màmá ti lé díẹ̀ lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, ọmọ wọn obìnrin ló mú wọn wá, wọ́n fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mú. Nígbà tí mo wo ẹnu wọn, eyín ńlá kan nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún ti fọ́ tán, gbòǹgbò ẹ̀ méjì ló kù nínú erìgì, èyí tó wà níwájú ẹ̀ náà sì ti ń mì, ìka lásán ló ń gbé e síwá sẹ́yìn. Ojú kékeré kan wà lára erìgì níbẹ̀ tí ọyún ń gbà jáde. Mo ní kí wọ́n la ẹnu, ó là dáadáa, ara wọn ò gbóná, abẹ́ àgbọ̀n wọn ò wú, wọ́n ń gbé itọ́ mì láìsí ìnira. Mo mẹ́nu ba gbogbo ẹ̀ torí òun ló jẹ́ ká láyè láti dúró ní ọjọ́ mélòó kan nígbà tó yá, ká ní ẹnu wọn ò là mọ́ ni tàbí pé wọ́n wú tó sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn, kò sí pé à ń kọ létà, ilé ìwòsàn ńlá là bá gbé wọn lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Mo wá bi wọ́n nípa àìlera tí wọ́n ní. Wọ́n ní àwọn ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn ní ọdún 9 sẹ́yìn, wọ́n pààrọ̀ fáàfù kan fún wọn, onírin ni wọ́n fi sí i, àtìgbà yẹn wọ́n ń lo wàfárínì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, lálaalẹ́. Bí mo ṣe gbọ́ wàfárínì báyìí, ẹ̀rù bà mí, mo sì ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe, mo fa bébà kan yọ, mo kọ ìlà méjì sí i pé:

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yẹ aláìsàn yìí wò bóyá ara wọn gbà á láti yọ eyín. Wọ́n ń lo wàfárínì."

Mo fi lé ọmọ wọn lọ́wọ́. Torí pé dókítà ọkàn tó ń tọ́jú màmá jìnnà díẹ̀, dókítà kan tó wà nítòsí, tí kò rí màmá rí, ni wọ́n gbé létà náà lọ bá. Àárọ̀ Ọjọ́ Jímọ̀ wọ́n ti padà dé pẹ̀lú ìdáhùn tó wà lẹ́yìn létà mi: "Ara wọn gbà á. Kí wọ́n dá wàfárínì dúró fún ọjọ́ 5 kí ẹ tó yọ ọ́."

Mi ò bínú sí dókítà yẹn, mi ò sì ní bínú sí i láé. Ẹ tún ìlà méjì tí mo kọ yẹn kà. Kí ló sọ fún un? Kò mọ̀ bóyá eyín kan ni tàbí eyín mẹ́wàá, kò mọ̀ bóyá mo fẹ́ gé egungun, kò mọ ohun tí mo ní lọ́wọ́ tí mo lè fi dá ẹ̀jẹ̀ dúró, mi ò tiẹ̀ sọ ìdí tí màmá fi ń lo wàfárínì. Ohun kan ṣoṣo tí létà mi sọ fún un ni pé mo ń bẹ̀rù ẹ̀jẹ̀, òun náà sì bá mi lé ẹ̀rù yẹn lọ pẹ̀lú ohun tó mọ̀, ó ní kí wọ́n dá oògùn dúró.

Ọmọ wọn ló dá mi dúró. Ó tẹ bébà yẹn sórí tábìlì, ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá, wọ́n ní kí wọ́n má fo oògùn yẹn láìjẹ́ pé dókítà ọkàn bá sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé wọ́n ti bi dókítà ọkàn ni?"

Mi ò ní ìdáhùn. Mo ní kí wọ́n jókòó.

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Fáàfù onírin, ara mọ̀ ọ́n sí àjèjì, ẹ̀jẹ̀ sì máa ń fẹ́ dì lára ẹ̀, pàápàá èyí tó wà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn lápá òsì, ìyẹn fáàfù mítírà, ibẹ̀ ni ti màmá wà. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dì níbẹ̀, ó lè há fáàfù yẹn tí kò ní lè ṣí tàbí pa dé mọ́, ó sì lè já kúrò lọ sí ọpọlọ, kéèyàn ji láàárọ̀ kí apá kan ara má ṣiṣẹ́ mọ́. Wàfárínì kì í kúrò lára lọ́jọ́ kan, ó máa ń tó bí ọjọ́ 5 kí agbára ẹ̀ tó lọ tán, téèyàn bá sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ó tún máa ń tó ọjọ́ mélòó kan kó tó gbérasọ. Nítorí náà ọjọ́ 5 tí wọ́n kọ sí bébà yẹn kì í ṣe ọjọ́ 5 rárá, ó lè ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí fáàfù yẹn á wà láìní ààbò tó péye. Nítorí eyín méjì. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nínú ihò eyín, mo ń rí i lójú, mo lè fi ìka tẹ̀ ẹ́, mo lè rán ojú ẹ̀ pọ̀. Èyí tó bá dì lórí fáàfù, ìka ta ló máa dé ibẹ̀?

Mo gba ìwé kékeré tí wọ́n fi ń kọ èsì wàfárínì sílẹ̀ lọ́wọ́ màmá. INR ni òǹkà tí làbù máa ń kọ síbẹ̀, ó ń sọ bó ṣe ń pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ tó dì. Ẹni tí kò lo wàfárínì, tiẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí 1, bó bá ṣe ń lọ sókè ni ẹ̀jẹ̀ ń pẹ́ sí i kó tó dì. Nínú ìwé màmá, dókítà ọkàn ti kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé láàárín 2.5 sí 3.5 lòun fẹ́ kó wà. Mẹ́ta tó gbẹ̀yìn jẹ́ 2.9, 3.1 àti 2.8, ọ̀sẹ̀ 3 ti kọjá lórí èyí tó kẹ́yìn. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí mo rí i. Mo sọ fún ara mi pé ara wọn dúró déédéé, òǹkà wọn ò tó 4 tó yẹ ká torí ẹ̀ dúró, mo lè yọ eyín yìí láìdá nǹkan kan dúró. Ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn náà ò tọ̀nà, bí ẹ ó ṣe rí i.

Mo wá jókòó láti kọ létà kejì, sí dókítà ọkàn fúnra wọn lọ́tẹ̀ yìí. Bó ṣe lọ nìyí:

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ̀wé yìí lórí màmá ẹni ọdún 61 tí ẹ̀ ń tọ́jú, tí wọ́n ní fáàfù mítírà onírin láti ọdún 9 sẹ́yìn. Wàfárínì 5 mílígíráàmù ni wọ́n ń lò lálaalẹ́. INR tí ẹ fẹ́ ni 2.5 sí 3.5, èyí tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn ní ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn jẹ́ 2.8.

Eyín méjì ni mo fẹ́ yọ nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ọ̀kan ti fọ́ ku gbòǹgbò, ìkejì ń mì. Ọyún wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń rí ọ̀nà jáde, ara wọn ò gbóná, kò sì tíì ràn kúrò lójú kan. Mi ò retí pé màá gé egungun. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ á ti jáde jẹ́ ibi tí ojú àti ọwọ́ mi tó. Màá fi sẹlulóòsì tó máa ń yọ́ dí ihò eyín, màá rán an, wọ́n á sì géyín mọ́ gọ́ọ̀sì tí mo rẹ sínú tiranẹsámíkì ásíìdì kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró. Lẹ́yìn náà wọ́n á máa fi tiranẹsámíkì ásíìdì ìdá 5 nínú 100 yọ ẹnu fún ọjọ́ 2.

Nítorí náà èrò mi ni pé kí wọ́n má dá wàfárínì dúró. Màá ṣe INR láàárín wákàtí 24 kí n tó yọ eyín, tí kò bá tó 4 màá yọ ọ́, tó bá tó 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ màá dúró, màá pè yín. Torí fáàfù yẹn, mo tún fẹ́ kí wọ́n lo amọsisílìn 2 gíráàmù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní wákàtí kan ṣáájú, kí kòkòrò ẹnu má baà lọ bà sí i. Wọ́n ní oògùn yìí kì í bá àwọn jà.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹ rí ìdí tí ètò yìí ò fi yẹ wọ́n? Ṣé ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín wọn ní ìṣòro tí mi ò mọ̀? Ṣé ẹ fẹ́ yí amọsisílìn yẹn padà?

Àwọn oògùn tí wọ́n ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ ni..."

Ibẹ̀ ni bírò mi dúró. Mo ti fẹ́ kọ wàfárínì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà nínú fáìlì wọn, kí n wá fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ohun tí mo fẹ́ kọ yẹn, fáìlì ló sọ ọ́, kì í ṣe màmá. Mo yíjú sí wọn, mo ní, "Màmá, látìgbà tí eyín yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín, kí lẹ ti lò sí i?"

Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan kan, oògùn eyín lásán ni."

"Oògùn eyín wo, màmá?"

Ọmọ wọn tú báàgì, ó mú nílọ́ọ̀nù kékeré kan jáde. Sáṣẹ́ẹ̀tì méjì ló wà nínú ẹ̀, àwọn méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀kan jẹ́ oògùn tó ń pa kòkòrò, mẹtironidasóòlù 400 mílígíráàmù, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, wọ́n ti ń lò ó láti ọjọ́ 5. Ìkejì jẹ́ oògùn ìrora, aibupurofẹ́n. Kẹ́mísìtì ló tà á fún wọn nígbà tí ìrora ò jẹ́ kí wọ́n sùn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n ń lo wàfárínì, àwọn náà ò sì rò pé oògùn eyín lè ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú oògùn ọkàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ohun tí mẹtironidasóòlù ń fi wàfárínì ṣe, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń fọ́ wàfárínì kúrò lára, mẹtironidasóòlù sì máa ń dí ọ̀nà tó ń gbà ṣe é. Ìwọ̀n kan náà ni màmá ń gbé mì lálaalẹ́ o, wọn ò fi ìdajì kan kún un, ṣùgbọ́n ti àná ò tíì kúrò tán tí tòní fi ń dé bá a, ó sì ń gùn lérí ara wọn. Aibupurofẹ́n ní tiẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé INR sókè, ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí àwọn pẹ́lẹ́tì inú ẹ̀jẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ra wọn, ó sì tún lè dá egbò sí inú ikùn. INR ò lè fi tiẹ̀ hàn yín. Ẹ lè rí òǹkà tó dáa lórí bébà làbù kí ẹ̀jẹ̀ ṣì máa dà torí aibupurofẹ́n, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹnu aláìsàn àti nílọ́ọ̀nù oògùn ẹ̀ nìkan ni ẹ ti lè mọ̀.

Mo ní kí wọ́n lọ ṣe INR lójú ẹsẹ̀. Ó jáde ní ọ̀sán: 5.1.

Mo jókòó mo ń wo òǹkà yẹn. Ìwé wọn ní 2.8. Ká ní mo gbára lé ìwé yẹn tí mo yọ eyín láàárọ̀, 5.1 ni ǹ bá yọ ọ́ lé lórí, pẹ̀lú aibupurofẹ́n lára wọn. Ká sì ní a ṣe bí bébà àkọ́kọ́ ṣe wí, fáàfù wọn ni ì bá wà nínú ewu, kò sì sẹ́ni tí ì bá mọ̀ pé wọ́n ti ń lo mẹtironidasóòlù rárá. Ewu méjèèjì wà nínú ìlà méjì tí mo kọ́kọ́ kọ.

Mo parí létà náà, mo kọ oògùn méjèèjì sí i pẹ̀lú ìwọ̀n àti ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mo kọ 5.1 sí i, mo sì pe dókítà ọkàn lórí fóònù kí n tó fi ránṣẹ́, torí òǹkà báyìí kì í ṣe èyí tá a máa fi sílẹ̀ kí létà lọ sùn lórí tábìlì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mi ni bóyá ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbì kankan. Mo ti wò ó: kò sí lẹ́nu, kò sí nímú, ìgbẹ́ wọn ò dúdú, orí ò fọ́ wọn, kò sí ojú ibi tó dúdú lára wọn. Wọ́n ní ó dáa.

Mo béèrè bóyá ká fún wọn ní fítámì K. Wọ́n ní rárá, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ò ti jáde. Wọ́n ní tí a bá fi fítámì K fa òǹkà yẹn lulẹ̀ lójijì lára ẹni tó ní fáàfù onírin, ó lè já wálẹ̀ kọjá ibi tá a fẹ́, wàfárínì á sì kọ̀ láti tètè ṣiṣẹ́ padà, a kàn máa kúrò nínú ewu kan bọ́ sí òmíràn ni. Ohun tí wọ́n ní ká ṣe rọrùn: ká dá mẹtironidasóòlù àti aibupurofẹ́n dúró, kí màmá má lo wàfárínì ní alẹ́ ọjọ́ yẹn nìkan, kí wọ́n padà sórí 5 mílígíráàmù wọn lálẹ́ Sátidé, ká tún INR ṣe lọ́jọ́ Ajé. Tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde níbikíbi kó tó dìgbà yẹn, kí wọ́n gbé wọn wá lójú ẹsẹ̀. Fún ìrora, párásẹ́támọ̀ọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má lo jù bó ṣe yẹ lọ, torí téèyàn bá ń lo èyí tó pọ̀ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, òun náà lè gbé INR sókè.

Ẹ kíyè sí i pé wọn ò dín ìwọ̀n wàfárínì wọn kù. Mo bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní ìwọ̀n yẹn kọ́ ló ṣẹ̀, mẹtironidasóòlù ni, ó sì máa kúrò lára láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tí a bá dín in kù báyìí, nígbà tí mẹtironidasóòlù bá lọ tán, òǹkà á wá lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò sì ní sẹ́ni tó ń wò ó mọ́ nígbà yẹn.

Lórí ètò mi, wọ́n gba gbogbo ẹ̀ wọlé. Wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ pé kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ dáa, amọsisílìn 2 gíráàmù yẹn tọ́, kí n ṣáà má kọ́kọ́ fi amọsisílìn ọlọ́jọ́ gbọọrọ bẹ̀rẹ̀ kó tó dọjọ́ náà, torí tí wọ́n bá ti ń lò ó bọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn kòkòrò tó kù lẹ́nu lè ti mọ́ ọn lára.

Ọjọ́ Ajé, INR jẹ́ 3.4. A yọ eyín láago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ìṣẹ́gun. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú àárọ̀ ni, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ mú ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ tó bá máa padà wá sábà máa ń padà wá láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ kejì, mo sì fẹ́ kó bá wa lẹ́nu iṣẹ́.

Màmá ti lo amọsisílìn wọn láago mẹ́jọ. Fún abẹ́rẹ́ ìpara, mi ò gún èyí tó máa ń wọlé jìn lọ sí ẹ̀yìn àgbọ̀n, torí tí ẹ̀jẹ̀ bá jáde síbẹ̀ ó jìnnà sí ọwọ́, kò ṣeé tẹ̀. Mo lo átíkéènì, mo fi sí ẹ̀gbẹ́ erìgì, mo sì fi díẹ̀ sí àárín eyín àti egungun, ó sì mú un dáadáa. Mo kọ́kọ́ yọ èyí tó ń mì, mo fi gọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, mo wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣe. Ká ní ó dà ju bó ṣe yẹ lọ, èmi ì bá dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ká fi ìkejì sílẹ̀ dìgbà míì. Kò dà jù, mo wá yọ gbòǹgbò méjèèjì níkọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, kí egungun má fọ́.

Mo ha ẹran rírọ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ ihò kúrò, mo fi sẹlulóòsì dí i, mo rán ojú rẹ̀ pẹ̀lú òwú tó máa ń yọ́ fúnra ẹ̀, wọ́n géyín mọ́ gọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú gbáko. Nígbà tí mo gbé e kúrò, ihò eyín ńlá ti gbẹ, ṣùgbọ́n ti eyín kejì ṣì ń sun díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mo fi omi fọ̀ ọ́, mo tan iná sí i dáadáa, mo rí i pé ẹran pupa kékeré kan, kò ju orí ìṣáná lọ, ló kù mọ́ etí erìgì, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ wàfárínì nìkan nìyẹn. Mo gé e kúrò, mo fi ojú ìránṣọ kan kún un, wọ́n tún géyín mọ́ gọ́ọ̀sì fún ogún ìṣẹ́jú, ó sì dúró. Mo sọ èyí torí pé tí ẹ̀jẹ̀ bá ń sun lára ẹni tó ń lo wàfárínì, wàfárínì la máa ń dá lẹ́bi, a kì í wo ibi tó ti ń wá.

Wọ́n lọ ilé pẹ̀lú gọ́ọ̀sì mélòó kan, tiranẹsámíkì ásíìdì, àti nọ́ńbà fóònù. Mílílítà 10 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kí wọ́n gbá a mọ́ ẹnu fún ìṣẹ́jú 2, kí wọ́n jẹ́ kó rọra ṣàn jáde, kí wọ́n má tu ú. Àti wàfárínì wọn lálẹ́ yẹn bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀.

Ọmọ wọn pè mí láago mẹ́sàn-án alẹ́, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ti kún ẹnu màmá. Mo ní kó fi aṣọ funfun nu ẹnu wọn, kó sọ àwọ̀ tó rí fún mi. Ó ní ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́, omi pọ̀ nínú ẹ̀. Mo ní ṣé kò sí kókó ẹ̀jẹ̀ dúdú tó ń yọ jáde nínú ihò? Ó ní kò sí. Itọ́ tó fara kan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì máa ń pa itọ́ púpọ̀ láró. Ó wá jẹ́wọ́ pé màmá ti ń tu itọ́ látìrọ̀lẹ́ torí wọn ò fẹ́ gbé e mì, títu yẹn ló ń fa ojú egbò. Mo ní kó rẹ gọ́ọ̀sì sínú oògùn yẹn, kó ká a kó nípọn, kó gbé e sórí ihò gan-an, kì í ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kí màmá jókòó gbọọrọ kí wọ́n géyín mọ́ ọn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìyọ ọ́ wò. Tí kò bá dúró lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n máa bọ̀. Mo dúró ti fóònù. Nígbà tó pè padà, ó ti dúró.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn, erìgì ti ń pa dé, INR sì jẹ́ 2.8, ibi tó wà gan-an kí eyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Mo kọ létà kẹta sí dókítà ọkàn, kúkúrú: ohun tá a yọ, INR ọjọ́ Ajé àti ti òní, ẹ̀jẹ̀ alẹ́ Ìṣẹ́gun àti bó ṣe dúró, pé wọn ò fo wàfárínì kankan yàtọ̀ sí ti Ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n sọ. Mo tún kọ ọ́ sójú ìwé INR màmá pẹ̀lú bírò pupa pé wọn ò gbọ́dọ̀ lo mẹtironidasóòlù láìsọ fún ẹni tó ń wo INR wọn.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa bá irú èyí pàdé, ẹ má kọ "ṣé ara wọn gbà á" sí dókítà mọ́. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, iye eyín, bẹ́ ẹ ṣe retí kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ tó, ohun tẹ́ ẹ máa fi dá a dúró, àti ibi tẹ́ ẹ ti máa dúró bí òǹkà bá ga. Dókítà tó mọ èyí ò ní nílò láti dá oògùn dúró nítorí ìbẹ̀rù. INR kì í sì í ṣe èyí tẹ́ ẹ máa wò nínú ìwé ọ̀sẹ̀ 3 sẹ́yìn, wákàtí 24 ni mo máa ń lò, tí ara ẹni bá dúró déédéé tí kò sì sí oògùn tuntun kankan, ó lè tó wákàtí 72.

Ọ̀nà yìí ò bá gbogbo oògùn irú ẹ̀ mu o. Àwọn tó ń lo rifarosabáànù, apisabáànù tàbí dabigátíráànì, INR ò wúlò láti fi wọn tiwọn. Wákàtí tí wọ́n lò ó gbẹ̀yìn àti bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ ni létà yín gbọ́dọ̀ béèrè, torí oògùn wọ̀nyẹn máa ń wọlé tètè, ó sì máa ń jáde tètè, ọ̀pọ̀ ìgbà ó kàn lè jẹ́ pé ti àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni ẹ máa sún síwájú tàbí fò, tí iṣẹ́ náà bá máa mú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ wá. Ẹni tí ẹ bá sì fẹ́ gé egungun fún, tàbí tí ẹ fẹ́ yọ ju eyín 3 lọ lẹ́ẹ̀kan, tàbí tí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ ò dáa, ètò tí mo lò fún màmá yìí ò tó fún un, ilé ìwòsàn ló yẹ kó ti ṣe é.

Fọ́ọ̀mù létà wa ti yí padà báyìí. Ìlà kan wà nínú ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí kí n tó lè fọwọ́ sí i: oògùn tí aláìsàn rà fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nọ́ọ̀sì wa kì í bi wọ́n bóyá wọ́n lo nǹkan mọ́, ó máa ń ní kí wọ́n gbé nílọ́ọ̀nù ẹ̀ wá.